Ásíìdì àti álíkálì ní kíláàsì kẹ́mísìrì: ibi tí ewu wà gan-an

Táítírésọ̀n ni iṣẹ́ láàbù tí àwọn ọmọ ilé-ìwé girama máa ń ṣe jù bí ìdánwò WAEC bá ti ń sún mọ́lé. Ásíìdì wà nínú búrẹ́ẹ̀tì, álíkálì wà nínú fíláàsìkì, ọmọ náà á sì máa jẹ́ kí ásíìdì kán sínú álíkálì díẹ̀díẹ̀ títí àwọ̀ tí ó wà nínú fíláàsìkì yóò fi yí padà. Omi méjèèjì mọ́ gaara. Wọn kò lóòórùn, wọn kò sì mú èéfín jáde. Ìdí nìyí tí olùkọ́ kẹ́mísìrì tí ó bá kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ilé-ìwé láti béèrè awò ààbò àti omi tó ń ṣàn fi máa ń gba ìbéèrè padà: kí ló tún léwu nínú ohun tí wọ́n ti bomi là tó bẹ́ẹ̀? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ewu ń bẹ, àmọ́ kò sí níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wò.

Apá tí ó tóbi jù nínú ewu yìí máa ń wáyé kí àwọn ọmọ tó wọlé rárá, nígbà tí olùkọ́ tàbí olùrànlọ́wọ́ láàbù bá ń po ásíìdì. Kíláàsì tí ó ní ọmọ 40, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní méjì-méjì, kò nílò ju lítà márùn-ún HCl 0.1 M lọ. Ohun tí wọ́n sábà máa ń kọ sára ìgò ògidì HCl ni pé ìwúwo rẹ̀ jẹ́ 1.18, àti pé ìdá 36 nínú 100 ìwúwo náà ni HCl. Èyí já sí pé lítà kan ògidì yìí wọn gíráàmù 1,180, tí nǹkan bíi gíráàmù 425 nínú rẹ̀ sì jẹ́ HCl. Bí a bá fi 36.5, tí í ṣe ìwúwo móòlù kan, pín in, ó di móòlù 11.6. Lítà márùn-ún tí kíláàsì nílò kò gbà ju ìdajì móòlù lọ, ìdajì móòlù yẹn kò sì ju mìlílítà 43 lọ nínú ògidì.

Mìlílítà 43 péré, fún odindi kíláàsì. Ẹnì kan ṣoṣo ló yẹ kó ṣí ìgò náà, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, pẹ̀lú awò ààbò lójú àti ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́. Ní ọjọ́ tí oòrùn bá mú, èéfín máa ń kóra jọ sábẹ́ ìdérí ìgò HCl, nítorí náà díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń yí ìdérí náà, kì í sì í ṣe ní iwájú ojú. Bí wọ́n bá ti wọn èyí tí wọ́n nílò tán, ìgò náà padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n sì ti kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ilé-ìwé tí ó bá ní kí àwọn ọmọ fúnra wọn bu ògidì kí wọ́n lè mọ̀ ọ́n ṣe ti ra ewu tí ìwé ẹ̀kọ́ kankan kò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Omi ló ń ṣáájú nínú bíkà, ásíìdì ló ń tẹ̀lé e. Gbogbo ọmọ ló ti há òfin yìí sórí, àmọ́ ìwọ̀nba ni ó mọ ìdí rẹ̀. Orí H2SO4 ni ìdí náà ti hàn jù. Ògidì rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó omi lọ́nà méjì, 1.84 ni ìwúwo rẹ̀. Omi tí wọ́n bá dà lé e lórí kò ní rì, orí rẹ̀ ni yóò dúró lé. Níbi tí àwọn méjèèjì ti pàdé ni ooru yóò ti rú jáde lójijì, omi tí ó wà níbẹ̀ yóò hó, yóò sì ta ásíìdì sókè sí ojú ẹni tí ó ń dà á. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ásíìdì ni wọ́n ń dà sínú omi púpọ̀, díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n sì ń rò ó, ásíìdì á máa rì lọ sísàlẹ̀, gbogbo omi inú bíkà á sì bá a pín ooru náà. Omi bátìrì ọkọ̀, tí àwọn ilé-ìwé kan ń rà nítorí pé ó dínwó, kì í ṣe ògidì, àmọ́ ó ṣì le tó nǹkan bíi 4.5 M, ìyẹn ìlọ́po 45 ohun tí táítírésọ̀n fẹ́. Ó ń jó awọ ara, ó sì ń jẹ aṣọ.

Ìṣirò lè yẹ̀. Bí ẹni tí ó ń pò ó bá ṣi ibi tí àmì ìdá wà gbé, tí ó sì bu mìlílítà 430 dípò 43, 1 M ni yóò gbé fún àwọn ọmọ, ojú lásán kò sì lè mọ ìyàtọ̀. Táítírésọ̀n kan tí olùkọ́ bá ṣe kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀ yóò tú àṣírí náà. Mìlílítà 25 NaOH 0.1 M yẹ kó gba ásíìdì tí ó súnmọ́ mìlílítà 25 kí mẹ́tíìlì ọ́réǹjì tó kúrò ní àwọ̀ ìyeyè. Bí àwọ̀ bá yí padà ní mìlílítà 2 tàbí 3, ásíìdì ti le jù. Bí gbogbo mìlílítà 50 inú búrẹ́ẹ̀tì bá tán tí àwọ̀ kò sì yí padà, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé álíkálì ni ó le jù, ìyẹn gan-an ló sì yẹ kó já olùkọ́ láyà ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Orúkọ ásíìdì ń dẹ́rù bani, àmọ́ ojú tí wọ́n fi ń wo álíkálì kò le tó. Ẹ̀rí wà nínú òfin tí ilẹ̀ Yúróòpù fi ń kọ ìkìlọ̀ sára ìgò kẹ́míkà. HCl gbọ́dọ̀ tó ìdá 25 nínú 100 kí wọ́n tó pè é ní ohun tí ń jó awọ ara run. Ní ti NaOH, ìdá 2 nínú 100 ti tó, ìyẹn gíráàmù 20 nínú lítà kan. NaOH yìí náà ni kọ́sítíìkì sódà tí àwọn tí ń ṣe ọṣẹ ń lò. Ohun tí ó ń ṣe sí epo nínú ìkòkò ọṣẹ ni ó ń ṣe sí ọ̀rá inú awọ ara. Yíyọ̀ tí ó ń yọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó bá kàn án kì í ṣe ti omi náà nìkan, awọ ara onítọ̀hún ló ń di ọṣẹ. Nínú ojú, ásíìdì sábà máa ń jẹ́ kí èròjà ara tí ó bá kọ́kọ́ kàn dì, èyí tí ó dì náà á sì dí i lọ́nà díẹ̀. Álíkálì kò mọ ìdènà bẹ́ẹ̀. Ó ń yọ́ ohun tí ó bá kàn, ó sì ń wọlé lọ. Èyí tí ó tún burú níbẹ̀ ni pé ó lè má tètè ta ènìyàn lára, tí ọmọ yóò fi máa bá iṣẹ́ lọ nígbà tí ó yẹ kó ti wà nídìí omi.

Fún lítà márùn-ún 0.1 M, gíráàmù 20 hóró NaOH ni wọ́n ń wọ̀n. Inú omi tútù ni wọ́n ń da hóró náà sí díẹ̀díẹ̀, nítorí pé bí ó ti ń yọ́ ni omi ń gbóná. Bíkà tàbí ike líle ló bá a mu. Abọ́ tàbí ṣíbí alumíníọ̀mù kò yẹ rárá, nítorí álíkálì ń jẹ ẹ́, gáàsì háídírójìn tí ó ń gbiná sì ń tú jáde. Hóró tí ó bá bọ́ sílẹ̀ kò gbọdọ̀ wà níbẹ̀. Ó ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, láìpẹ́ yóò sì di ẹ̀kán kan tí kò yàtọ̀ sí omi lásán, tí ẹni tí kò mọ̀ yóò fi ọwọ́ nù. Ìgò tí wọ́n ń tọ́jú omi NaOH sí kò gbọdọ̀ ní ìdérí gíláàsì, nítorí á lẹ̀ pa. Rọ́bà tàbí ike ni kó jẹ́.

Nínú táítírésọ̀n tí WAEC sábà ń gbé kalẹ̀, ásíìdì ló ń wọ búrẹ́ẹ̀tì, álíkálì ni pípẹ́ẹ̀tì ń fà. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, ẹnu ni àwọn ọmọ ṣì fi ń fa pípẹ́ẹ̀tì. Èyí tí ó léwu jù nínú omi méjèèjì ni wọ́n wá ń gbé lọ sí ẹnu. Ìjàǹbá rẹ̀ kì í ṣe ti ẹni tí ó fà á jù nìkan. Bí omi inú bíkà bá lọ sílẹ̀ tí ẹnu pípẹ́ẹ̀tì sì yọ síta, atẹ́gùn á wọlé, gbogbo álíkálì inú rẹ̀ á sì fò sókè wọ ẹnu lẹ́ẹ̀kan náà. Rọ́bà onífùkẹ̀ tí wọ́n ń tì bọ orí pípẹ́ẹ̀tì ló yanjú èyí. Níbi tí owó rẹ̀ kò bá sí, sírínjì oní-mìlílítà 20 tí wọ́n yọ abẹ́rẹ́ rẹ̀, tí wọ́n sì fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ so mọ́ pípẹ́ẹ̀tì, ń ṣe iṣẹ́ kan náà.

Ní ti búrẹ́ẹ̀tì, ibi tí ó ga ju ojú ọmọ lọ ni ẹnu rẹ̀ máa ń wà nígbà tí ó bá wà lórí igi tí ó gbé e dúró. Ọmọ tí ó bá na apá sókè láti rọ ásíìdì sí i ń rọ ọ́ sí òkè ojú ara rẹ̀. Wọ́n ń sọ ọ́ kalẹ̀ kí wọ́n tó fi fọ́nẹ́ẹ̀lì rọ ọ́.

Bí ásíìdì tàbí álíkálì bá ta sí ojú, omi ni, lójú ẹsẹ̀, fún ó kéré tán 20 ìṣẹ́jú. Ẹlòmíràn ló máa ń bá ọmọ náà la ìpéǹpéjú, nítorí ojú tí ó ń ta kì í fẹ́ là. Apá imú ni omi ti ń ṣàn lọ sí apá etí, kí èyí tí ó ti bàjẹ́ má bàa wọ ojú kejì. Lẹ́yìn náà, ilé ìwòsàn, bí ojú náà tilẹ̀ ti dákẹ́. Omi tí ń ṣàn ní lítà kan àbọ̀ ní ìṣẹ́jú kan yóò ti di 30 lítà kí 20 ìṣẹ́jú tó pé. Nítorí náà, ilé-ìwé tí kò ní ẹ̀rọ omi nílò kẹ́ẹ̀gì ńlá tí ó ní ẹnu ẹ̀rọ, tí omi mímọ́ inú rẹ̀ kún ní gbogbo ọjọ́ tí iṣẹ́ láàbù bá wà. Kẹ́ẹ̀gì yìí àti awò ààbò tí ó kárí gbogbo ọmọ ló yẹ kó wà lókè pátápátá nínú lẹ́tà olùkọ́. Ìbọ̀wọ́ lè tẹ̀lé e, ẹ̀wù láàbù náà lè tẹ̀lé e.

Ohun kan wà tí àwọn tí wọ́n mọ kẹ́mísìrì díẹ̀ máa ń rò: kí wọ́n fi fínígà pa álíkálì tàbí kí wọ́n fi bákìn sódà pa ásíìdì lára ẹni tí ó ta sí. Kò tọ̀nà. Ìpàdé wọn ń mú ooru wá, wíwá a kiri sì ń jẹ àkókò tí omi ì bá fi ṣiṣẹ́. Orí ilẹ̀ tàbí tábìlì ni bákìn sódà ti wúlò. Epo pupa kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀, yálà lára tàbí lẹ́nu. Ẹni tí ó bá gbé ásíìdì tàbí álíkálì mì gbọ́dọ̀ fi omi yọ ẹnu, kó tu ú dànù, kí wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Wọn kò gbọdọ̀ mú un bì, nítorí ohun tí ó jó ọ̀nà ọ̀fun nígbà tí ó ń lọ yóò tún un jó nígbà tí ó bá ń padà bọ̀.

Ní ìparí kíláàsì, èyí tí ó ṣẹ́kù nínú búrẹ́ẹ̀tì àti fíláàsìkì lè pàdé nínú garawa kan. Bí wọ́n bá ti pa ara wọn, omi iyọ̀ ni, wọ́n sì lè fi omi púpọ̀ ṣàn án lọ. Èyí tí wọ́n bá fẹ́ tọ́jú gbọ́dọ̀ ní orúkọ, agbára àti déètì lára. Kò gbọdọ̀ wọ inú ike omi mímu tàbí ti ọtí ẹlẹ́rìndòdò láé, ìbáà jẹ́ fún wákàtí kan, nítorí òùngbẹ kì í dúró ka ohun tí wọ́n kọ sára ike.