Bí Àkọsílẹ̀ Akẹ́kọ̀ọ́ṣẹ́ Ṣe Ń Di Ẹ̀kọ́

Akẹ́kọ̀ọ́ agbẹ̀bí a máa kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí lẹ́nu iṣẹ́ sínú ìwé. Lẹ́yìn náà, òun àti olùkọ́ rẹ̀ a tún un tò, kí ó lè wọ inú àkójọ ìwé tí ó ń fi hàn bí ó ṣe ń mọ iṣẹ́ sí i. Ẹ wo irú ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ kan lè kọ ní ìrọ̀lẹ́:

«Òní kò dára. Ẹ̀rù bà mí. Aboyún kan fẹsẹ̀ rìn wá nínú oòrùn, mo wọn tánsíọ̀n rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó jẹ́ 150/95. Ó ń sọ̀rọ̀ ọjà fún mi. Mo sáré pe Màmá. Wọ́n tún un wọ̀n, ó di 118/76. Ojú tì mí. Kí n máa ṣọ́ra.»

Ọ̀rọ̀ pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n dàrú mọ́ra. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni láti ya ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ó wà lọ́kàn akẹ́kọ̀ọ́. Ìwọ̀n méjèèjì yóò ṣáájú, bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn. Ẹ̀rù àti ìtìjú yóò tẹ̀ lé e, ní gbólóhùn kan. A kì í kọ orúkọ aboyún, nítorí àṣírí rẹ̀ ni.

Lẹ́yìn èyí ni olùkọ́ yóò béèrè pé: «Kí ni Màmá ṣe tí ìwọ kò ṣe?» Akẹ́kọ̀ọ́ yóò wá rántí. Agbẹ̀bí àgbà ní kí obìnrin náà jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, kí ó fẹ̀yìn ti àga, kí ó gbé apá lé tábìlì ní ọ̀gangan àyà, kí ó má sì sọ̀rọ̀. Ìrìn àti ọ̀rọ̀ sísọ a máa mú kí ìwọ̀n náà ga.

Ṣùgbọ́n ìtìjú bo ohun rere kan mọ́lẹ̀. Bí tánsíọ̀n aboyún bá dé 140/90, ó yẹ kí a tún un wọ̀n, kí a sì sọ fún àgbà. Akẹ́kọ̀ọ́ náà pe àgbà. Èyí pẹ̀lú gbọ́dọ̀ wọ inú ìwé.

Ẹ̀kọ́ tí ó kù di méjì: kí aboyún sinmi ṣáájú ìwọ̀n, kí a sì pe àgbà bí ìwọ̀n bá ga. «Kí n máa ṣọ́ra» kì í ṣe ẹ̀kọ́, nítorí ẹnikẹ́ni kò lè rí i bóyá a ṣe é tàbí a kò ṣe é.

Ètò iṣẹ́ ni ó kẹ́yìn, ó sì ní láti sọ iye, ọjọ́ àti ẹlẹ́rìí: «Láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, n ó wọn tánsíọ̀n aboyún 10 lẹ́yìn ìsinmi ìṣẹ́jú 5. Màmá yóò dúró tì mí fún 3 nínú wọn.»

Kí olùkọ́ má ṣe fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ rọ́pò ti akẹ́kọ̀ọ́. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ka ìwé náà tán, tí kò lè fi ẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀, a jẹ́ pé olùkọ́ ni ó kọ ọ́; kí wọ́n jókòó tún un ṣe.