Iṣan Ẹ̀yìn Itan Tó Já Lórí Eré: Kí Ni Ara Ń Fẹ́ Kó Tó Tún Sáré?

Ní alẹ́ ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún 2017, ní ìlú Lọ́ńdọ́ọ̀nù, Usain Bolt gba ọ̀pá fún ìpele ìkẹyìn eré 4 x 100 mítà. Eré tó fẹ́ fi dágbére fún pápá nìyẹn. Jàmáíkà wà ní ipò kẹta nígbà tó gba ọ̀pá, gbogbo èèyàn sì ń retí kó lé àwọn tó wà níwájú bá bó ṣe máa ń ṣe. Ṣùgbọ́n kò tíì rìn jìnnà tó fi ki ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, tó ń tiro, tó sì ṣubú. Dókítà ẹgbẹ́ kọ́kọ́ ní pajápajá ló mú un. Nígbà tó yá, tí àwọn kan ń ṣiyèméjì bóyá ó fara pa lóòótọ́, Bolt gbé àbájáde àyẹ̀wò rẹ̀ síta fún aráyé: iṣan ẹ̀yìn itan òsì ló ya, lápá òkè níbi tí ẹran iṣan ti so mọ́ okùn rẹ̀. Oṣù 3 ni wọ́n ní yóò fi tọ́jú rẹ̀.

Kí ló ń já iṣan yìí, tó fi jẹ́ pé orí eré àsápajúdé ló ti sábà máa ń ṣẹlẹ̀? Iṣan ńlá 3 ló wà lẹ́yìn itan. Wọ́n ti ibi egungun tí a fi ń jókòó wá, wọ́n gba ẹ̀yìn orúnkún kọjá, wọ́n sì so mọ́ egungun ẹsẹ̀ nísàlẹ̀. Ẹni tó ń sá tagbáratagbára máa ń gbé itan síwájú, ojúgun yóò sì máa fò tẹ̀ lé e bí ìlẹ̀kùn tí atẹ́gùn gbá. Kí àtẹ́lẹsẹ̀ tó kanlẹ̀, àwọn iṣan ẹ̀yìn itan ló gbọ́dọ̀ di ojúgun yẹn mú, kó má bàa fò kọjá ààlà. Ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n nà gùn jù lọ, ìgbà yẹn náà ni iṣẹ́ wúwo jù lọ fún wọn. Èyí tó wà ní ìhà òde itan ló sábà máa ń já nínú eré àsápajúdé. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn: gígùn, wúwo, kíákíá. Ohun mẹ́ta yìí ló já iṣan náà, ohun mẹ́ta yìí náà ni ìtọ́jú gbọ́dọ̀ kọ́ ọ padà.

Ẹ jẹ́ ká fi ọmọbìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ, tó ń sá 200 mítà fún yunifásítì rẹ̀. Ó ń jáde láti kọ́nà nígbà tí nǹkan gún un lẹ́yìn itan bí ẹni tí wọ́n sọ òkò lù. Ó dúró, ó di itan mú. Ohun tó máa ń tẹ̀ lé e lórí pápá wa kò ṣàjèjì: àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á sáré wá, ẹnì kan á gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, á máa tì í síwájú kí iṣan lè nà, ẹlòmíràn á ti ṣí ìpara gbígbóná, á máa fi ọwọ́ méjèèjì wọ́ ọ. Inú rere ni, ṣùgbọ́n wọ́n ń tún ọgbẹ́ ya ni. Iṣan tí pajápajá mú ló yẹ kí a nà. Ti pajápajá, gbogbo iṣan á ki pọ̀, á le bí òkúta, a á nà án, á sì dẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Iṣan tó ya kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan náà ló ń dé, níbi kan ṣoṣo, tí orí ìka bá sì kan ibẹ̀, ẹni náà á ta kìjí.

Kóòṣì tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á mú un kúrò lórí pápá, á fi báńdéèjì dì í, kì í ṣe dídì tí ẹsẹ̀ fi máa kú tipiri, á sì fi aṣọ wé yìnyín lé e lórí fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15. Ó lè tún yìnyín náà fi lé e ní ẹ̀ẹ̀mélòó kan lóòjọ́ fún ọjọ́ 2 tàbí 3 àkọ́kọ́, pàápàá nítorí ìrora. Ní àwọn ọjọ́ yẹn, kò sí ọtí, kò sí fífà, kò sí wíwọ́ ẹsẹ̀. Kó máa rìn díẹ̀díẹ̀, ìgbésẹ̀ kúkúrú, títí yóò fi lè rìn láì tiro. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ara lè ṣú ní ẹ̀yìn orúnkún tàbí lókè ojúgun. Kó má fòyà. Ẹ̀jẹ̀ tó ṣàn níbi tó ya ló ń sọ̀ kalẹ̀, kì í ṣe ọgbẹ́ tuntun.

Àwọn àmì kan wà tí kò gbọ́dọ̀ fi sùn nílé: bí kò bá lè fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀ rárá, bí ẹ̀yìn itan bá ṣú káàkiri láìpẹ́, bí ọwọ́ bá bọ́ sí kòtò níbi tó yẹ kí iṣan wà, tàbí bí ìrora bá wà lórí egungun ìjókòó gan-an. Ó ṣeé ṣe kí okùn iṣan ti já kúrò lára egungun pátápátá, ìyẹn sì lè gba iṣẹ́ abẹ. Bí ó bá pẹ́ jù kó tó dé ọ̀dọ̀ dókítà, iṣẹ́ abẹ náà á túbọ̀ ṣòro.

Ohun kan tí àwọn físíò máa ń ṣe rọrùn, síbẹ̀ ó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n á ní kí ẹni náà da ikùn délẹ̀, wọ́n á fi ìka wá ibi tó ń dùn ún jù, wọ́n á sì fi téèpù wọn bó ṣe jìnnà tó sí egungun ìjókòó. Bí ibẹ̀ bá ṣe sún mọ́ egungun yẹn tó, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe pẹ́ kó tó padà, nítorí pé okùn funfun ló pọ̀ lápá òkè, okùn kì í sì í tètè jiná bí ẹran iṣan. Àwọn onímọ̀ kan tọpa àwọn eléré àsápajúdé 18 ní Sweden. Ìdajì wọn lo ọ̀sẹ̀ 16 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó tún lè sá bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹnì kan lo ọ̀sẹ̀ 6, ẹlòmíràn fẹ́rẹ̀ẹ́ lo ọdún kan gbáko. Nítorí náà, ẹni tó bá dá ọjọ́ lé e láti ọjọ́ kìíní, ó kàn ń méfò ni.

Ìsinmi nìkan kò ní tún un ṣe. Ní ọdún 2017, àwọn onímọ̀ ní Denmark tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde lórí àwọn eléré tí iṣan itan tàbí ojúgun wọn ya. Wọ́n pín wọn sí méjì: àwọn kan bẹ̀rẹ̀ ìdárayá ìtọ́jú ní ọjọ́ 2 lẹ́yìn ìpalára, àwọn kejì dúró di ọjọ́ 9. Ọ̀sẹ̀ kan péré ló wà láàárín wọn, ṣùgbọ́n àwọn tó tètè bẹ̀rẹ̀ fi nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3 ṣáájú àwọn yòókù padà sórí pápá. Ìdárayá ìbẹ̀rẹ̀ yìí kì í ṣe ohun líle. Ọmọbìnrin wa á fẹ̀yìn lélẹ̀, á ká orúnkún díẹ̀, á fi gìgísẹ̀ tẹ bẹ́ẹ̀dì mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 5 sí 10, á sinmi, á tún un ṣe ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Bí ó bá ń fúyẹ́, á na orúnkún sí i, á tún fi gìgísẹ̀ tẹ bẹ́ẹ̀dì. Ìrora díẹ̀ kò burú: bí a bá fi 10 ṣe èyí tó le jù, kó má kọjá 3 tàbí 4, kó sì ti lọ sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí ó bá jí ní òwúrọ̀ tí ẹsẹ̀ le ju ti àná lọ, iṣẹ́ àná ti pọ̀ jù.

Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ gan-an bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ń gbà ṣìnà. Wọ́n á máa gbé ìdí sókè láti ilẹ̀, wọ́n á máa fi ẹ̀rọ jímù ká orúnkún, iṣan á lágbára, àmọ́ nígbà tó kúrú nìkan ni. Ibi tó gùn ni ó ti já. Dókítà Carl Askling ní Sweden fi agbábọ́ọ̀lù 75 wé ara wọn: àwọn kan ṣe ìdárayá tó ń fún iṣan níṣẹ́ nígbà tó nà gùn, àwọn yòókù ṣe ti àtẹ̀yìnwá. Ìpíndọ́gba ọjọ́ tí àwọn àkọ́kọ́ lò kí wọ́n tó padà jẹ́ 28. Ti àwọn yòókù jẹ́ 51. Ọ̀kan nínú ìdárayá náà rèé: a á dúró lórí ẹsẹ̀ tó farapa, orúnkún á ká díẹ̀, a á rọra tẹ̀ síwájú láti ìbàdí, ọwọ́ méjèèjì á nà síwájú, ẹsẹ̀ kejì á sì nà sẹ́yìn, bí ẹni tó fẹ́ bẹ́ sódò. Bí ó bá ti mọ́ ọn lára, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé irin dání.

Nígbà tó bá lè rìn kánmọ́kánmọ́ fún ìṣẹ́jú 20 láì mọ nǹkan kan lára, á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ọgbọ́n tí mo fẹ́ràn jù lọ ni kí kóòṣì wọn 60 mítà, kó pín in sí mẹ́ta: 20 láti mú eré, 20 láti dúró lórí eré yẹn, 20 láti dẹ ẹsẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, kó sá a bí ìdajì agbára rẹ̀. Bí ìyẹn bá lọ láìsí ìrora, lọ́jọ́ kejì kó sinmi, kó tún wá, kó fi díẹ̀ kún un. Ó lè dé ìdá 7 nínú 10 láàárín ọjọ́ mélòó kan, ṣùgbọ́n láti 8 sókè, kó máa rọra. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín 9 àti 10 tóbi fún iṣan yìí, nítorí pé àfi tí eré bá kún ni ojúgun tó ń fò lóòótọ́. Èyí ló fà á tí ẹni tó ń sáré wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ yí pápá ká láìsí ìrora fi lè sọ pé òun ti san, kó sì tún já a ní ọjọ́ ìdíje. Lẹ́yìn náà ni kí a mú un wọ kọ́nà, ká sì jẹ́ kó sá nígbà tó ti rẹ̀ ẹ́ díẹ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ìdíje ṣe rí.

Kí ni yóò fi hàn pé ó tó? Tí a bá fi ìka tẹ ibẹ̀, kò gbọ́dọ̀ dùn ún. Tó bá fẹ̀yìn lélẹ̀ tí a gbé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan sókè ní nínà, méjèèjì gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ga bákan náà, agbára wọn sì gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ìdánwò Askling ló gbẹ̀yìn, kò sì gbọ́dọ̀ ṣáájú àwọn tó kù. Á fẹ̀yìn lélẹ̀, a á di orúnkún ẹsẹ̀ tó ti farapa kó má lè ká, a á de ẹsẹ̀ kejì mọ́lẹ̀, a á wá ní kó ju ẹsẹ̀ náà sókè lẹ́ẹ̀mẹta ní gbogbo eré tó bá lè ṣe. A á bi í léèrè pé ṣé ẹ̀rù bà á, ṣé ó rí i pé ẹsẹ̀ náà fẹ́ yẹ̀. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, kódà láìsí ìrora, kó padà sí ìdárayá fún ọjọ́ 3 sí 5, kí a tún un dán wò. Ara ń mọ ohun tí ẹnu kò tíì lè sọ.

Àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó bá padà ni ewu pọ̀ jù, nítorí náà kó má fi ìdíje àkọ́kọ́ sí ọjọ́ tó ṣì ku ìpele kan nínú ìgbáradì. Kó sì máa bá ìdárayá Nọ́dìkì lọ: á kúnlẹ̀, ẹnì kan á di ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, á nàró láti orúnkún dé èjìká, á wá jẹ́ kí ara rọra ṣubú síwájú, á máa fi ẹ̀yìn itan fà á padà títí yóò fi fọwọ́ kanlẹ̀. Ọwọ́ 2 péré, ẹ̀ẹ̀marùn-ún lọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan, ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn itan á ro ó gan-an ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kò sì ní jẹ́ kí ó sáré dáadáa ní ọjọ́ kejì, nítorí náà kí kóòṣì fi í sí òpin ìgbáradì, kó má sì gbà á láyè láàárín ọjọ́ 2 tó ṣáájú ìdíje.