Báńkì Kan, Kóòdù Méjì

Ọjọ́ 19 oṣù kẹta ọdún 2019 ni Diamond Bank di ara Access Bank lábẹ́ òfin. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin, àmì tuntun ti jáde, wọ́n sì ti ń kun ara ilé. Síbẹ̀, fún ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, ẹni tó bá fẹ́ fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù, tó ń wá orúkọ báńkì nínú àkójọ, á rí “Access Bank”, á sì tún rí “Access Bank (Diamond)” nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan tó ń ta aṣọ bi mí léèrè nígbà kan pé, “Àbúrò, ṣé àwọn méjèèjì yìí ò tíì jọ ń gbé ni?” Mo ní wọ́n ti ń jọ gbé, ẹrù ni wọn ò tíì kó tán.

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n pinnu ẹrù ta ni yóò dúró, ẹrù ta ni yóò lọ, àti èyí tí wọ́n máa kọ́kọ́ gbé. Akitẹ́ẹ̀tì ilé-iṣẹ́ là ń pè wọ́n. Wọn kì í ya ilé. Bí ilé-iṣẹ́ ṣe tò ni wọ́n ń yà: àwọn èèyàn rẹ̀, ìgbésẹ̀ iṣẹ́, àkọsílẹ̀ àti ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà. Bí ilé-iṣẹ́ méjì bá dà pọ̀, àwòrán méjì ni wọ́n á kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ wọn. Èkíní ni àwòrán agbára-iṣẹ́. Èkejì ni àtẹ ìrìn, tó ń sọ bí a ó ṣe rìn láti ibi tí a wà dé ibi tí a fẹ́ dé.

Agbára-iṣẹ́ ni ohun tí ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ lè ṣe, láì tíì sọ ẹni tó ń ṣe é tàbí ẹ̀rọ tó fi ń ṣe é. Báńkì gbọ́dọ̀ lè gba owó pamọ́, kó lè yáni lówó, kó lè dá oníbàárà rẹ̀ mọ̀, kó lè gbọ́ ẹ̀sùn. Ẹ̀ka iṣẹ́ lè yí orúkọ padà lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, sọ́fítíwíà lè di ohun ìjùsọnù, ṣùgbọ́n báńkì tí kò lè dá oníbàárà rẹ̀ mọ̀ kì í ṣe báńkì mọ́. Ìdí nìyí tí wọn kì í fi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹ̀ka tàbí orúkọ ẹ̀rọ. Ẹ gbé àkójọ sọ́fítíwíà ilé méjì sórí tábìlì kan, ìjà ló máa dá sílẹ̀, nítorí olúkúlùkù á máa gbèjà ẹ̀rọ tó mọ̀ ọ́n lò. Ẹ gbé agbára-iṣẹ́ sórí tábìlì, ìbéèrè á yí padà: ta ló ń ṣe nǹkan yìí dáadáa jù nínú àwa méjèèjì?

Ìlà òkè àwòrán náà kì í ju bí àpótí mẹ́wàá lọ. Àpótí kọ̀ọ̀kan á tún ṣí sí kéékèèké nísàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni a kì í kọjá ìpele kẹta, àyàfi níbi tó bá ti ń dunni. Lẹ́yìn náà ni a ó wá wo ilé méjèèjì lórí àpótí kọ̀ọ̀kan: ṣé àwọn èèyàn ibẹ̀ mọ iṣẹ́, ṣé ìgbésẹ̀ wọn já gaara, ṣé àkọsílẹ̀ wọn mọ́, ṣé ẹ̀rọ wọn lè ru ẹrù ilé méjèèjì? Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn ni wọ́n sábà máa ń fò. Ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ wẹ́rẹ́ fún oníbàárà tirẹ̀ nìkan lè wó lulẹ̀ lọ́jọ́ tí oníbàárà ilé kejì bá wọlé. Ìdáhùn wọ̀nyí la fi ń kun àpótí ní àwọ̀: ewéko fún èyí tó dára, pupa fún èyí tó ń jó. Ìdájọ́ lórí rẹ̀ kò pọ̀. A mú ti ẹni kìíní, tàbí a mú ti ẹni kejì, tàbí a dá méjèèjì sí nítorí pé iṣẹ́ wọn kò rí bákan náà, tàbí a kọ́ tuntun.

Ẹni tó ra ẹnìkejì kì í jẹ gbogbo àpótí. Yíyá àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá lówó ni wọ́n mọ Access mọ́. Diamond ní tirẹ̀ ti wọ inú ọjà lọ. Ní ọdún 2013, òun àti àjọ Women's World Banking gbé àkáǹtì kan tó ń jẹ́ BETA jáde fún àwọn ọlọ́jà: aṣojú báńkì á wá bá ìyá oníṣòwò nídìí ìsọ̀ rẹ̀, á gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀, bí alájọ ṣe ń ṣe. Irú agbára-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí a lè fi sọ́fítíwíà rà. Abájọ tí DiamondXtra, àkáǹtì ìfipamọ́ tí Diamond fi ń pín ẹ̀bùn, fi ń jẹ́ orúkọ Diamond lẹ́yìn tí báńkì tó bí i ti lọ.

Àpótí tó ń tan èèyàn jẹ jù ni èyí tí orúkọ rẹ̀ bára mu nínú ilé méjèèjì. Mo wà nínú ìpàdé ìdàpọ̀ kan nígbà kan, kì í ṣe ti báńkì, tí ilé méjèèjì kọ “oníbàárà” sínú àpótí kan náà, tí gbogbo wa sì mi orí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà la tó mọ̀ pé ẹnikẹ́ni tó ti ra ọjà rí ni ilé kìíní ń pè ní oníbàárà, pé ẹni tí wọ́n fún láyè láti rà láwìn nìkan ni ilé kejì ń pè bẹ́ẹ̀. Iye tí a ti fi ṣírò gbogbo iṣẹ́ náà ti wọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sórí fóònù ẹ̀gbọ́n mi, ká wo àpótí kékeré kan ṣoṣo: dídá àkáǹtì mọ̀. Ní ọdún 2010 ni Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà gbé ìlànà NUBAN jáde, tó sọ nọ́ńbà àkáǹtì gbogbo báńkì di ẹyọ mẹ́wàá. Mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ ni nọ́ńbà tí báńkì fúnra rẹ̀ ń fún àkáǹtì. Ẹyọ kẹwàá ni nọ́ńbà àyẹ̀wò, tí a fi ń mọ̀ bóyá ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ ṣì í tẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé kóòdù báńkì náà wà nínú ìṣirò ẹyọ kẹwàá yìí. 044 ni kóòdù Access, 063 ni ti Diamond. A ó fi 3, 7, 3 tó ń tún ara wọn ṣe sọ ẹyọ kọ̀ọ̀kan kóòdù àti nọ́ńbà náà di púpọ̀, a ó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, a ó sì yọ ẹyọ tó kẹ́yìn àròpọ̀ náà kúrò nínú 10. Bó bá jẹ́ 10 ló kù, 0 la ó kọ. Ẹ wo nọ́ńbà kan náà lábẹ́ báńkì méjèèjì:

```
063 + 000001457 : 122 : 10 - 2 = 8 : 0000014578
044 + 000001457 : 111 : 10 - 1 = 9 : 0000014579
```

Kóòdù 063 ń mú 51 wá sínú àròpọ̀, 044 ń mú 40 wá. 11 ló fi ń ju ara wọn lọ nígbà gbogbo, ẹyọ tó kẹ́yìn kò sì lè bára mu láéláé. Nǹkan méjì ló tẹ̀ lé èyí. Àkọ́kọ́ dùn: kò sí nọ́ńbà Diamond kan tó lè jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú nọ́ńbà Access, nítorí náà oníbàárà méjì kò lè forí gbárí. Èkejì korò: kò sí nọ́ńbà Diamond kan ṣoṣo tó lè yege bí ẹ bá fi 044 yẹ̀ ẹ́ wò. Gbogbo wọn pátá ni ẹ̀rọ á dá padà.

Kí wá ni ṣíṣe? Wọ́n lè fún gbogbo oníbàárà Diamond ní nọ́ńbà tuntun. Ìyẹn ni pé kí owó oṣù, ìwé ìsanwó tí a ti tẹ̀, àti nọ́ńbà tí ìyá kan ti fi ọ̀dà kọ sára ìsọ̀ rẹ̀ yí padà lọ́jọ́ kan. Wọ́n sì lè jẹ́ kí ẹnu ọ̀nà 063 wà ní ṣíṣí, kí ilé tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì ti di ọ̀kan. Lójú mi, èyí ni “Access Bank (Diamond)” túmọ̀ sí. Ibùsọ̀ ni, níbi tí arìnrìn-àjò ti sọ ẹrù kalẹ̀ láti sinmi.

Ibùsọ̀ wọ̀nyí ni ẹran ara àtẹ ìrìn. Ibi tí a ń lọ rọrùn láti yà: báńkì kan, ẹ̀rọ kan, áàpù kan. Iṣẹ́ wà láàárín. Ibùsọ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ ibi tí báńkì lè ṣí ilẹ̀kùn ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kí iṣẹ́ sì máa lọ, ó sì gbọ́dọ̀ sọ ohun tó máa fi òpin sí i. Fún àpẹẹrẹ: “A ó ti ẹnu ọ̀nà 063 nígbà tí owó tó ń gbabẹ̀ wọlé lóṣù bá ti dín sí iye báyìí.” Ibùsọ̀ tí kò ní irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ á di ilé tí wọ́n ń gbé.

Ìtòlẹ́sẹẹsẹ náà ní ìdí. Ẹ kò lè fi gbèsè àti owó oníbàárà kan hàn án lójú kan náà lórí áàpù bí ẹ kò bá tíì mọ̀ pé ẹnìkan náà ni “Fúnkẹ́ Adébáyọ̀” ilé yìí àti “Adebayo F.” ilé kejì. BVN, nọ́ńbà ẹlẹ́yọ 11 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2014, ló ń gba báńkì Nàìjíríà sílẹ̀ níbẹ̀, torí pé ẹnìkan, nọ́ńbà kan ni. Ṣùgbọ́n BVN àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ ló wà lórí àkáǹtì ilé-iṣẹ́, ẹnìkan sì lè ní ilé-iṣẹ́ mẹ́rin. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti jókòó, tí wọ́n á máa fi ojú wo ìwé ìforúkọsílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Irú iṣẹ́ yìí ló ń jẹ oṣù tí ẹnikẹ́ni kò kọ sínú àtẹ.

Àwọn kan á ní kí wọ́n fo ibùsọ̀, kí wọ́n kó gbogbo ẹrù lálẹ́ ọjọ́ kan. TSB dán an wò nílùú Ọba. Sabadell ti Sípéènì rà á ní 2015, orí ẹ̀rọ Lloyds tó ń háyà ló sì wà. Ní òpin ọ̀sẹ̀ kan ní oṣù kẹrin ọdún 2018, wọ́n kó oníbàárà mílíọ̀nù 5.2 lọ sórí ẹ̀rọ tuntun. Dátà dé láyọ̀. Ẹ̀rọ tó gbà á ni kò lè dúró: oníbàárà tó tó mílíọ̀nù 1.9 ni kò rí àkáǹtì wọn wọ̀. Ìwádìí tí àwọn agbẹjọ́rò Slaughter and May gbé jáde ní 2019 fi hàn pé ilé ẹ̀rọ méjì ni báńkì náà ní, pé ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n dán wò bóyá ó lè ru ẹrù náà. Ó tún fi hàn pé ọjọ́ ìparí ni wọ́n kọ́kọ́ mú, tí wọ́n wá ń ti iṣẹ́ bọ inú àyè tó kù. Owó ìtanràn tí àwọn aláṣẹ bù fún TSB ní oṣù kejìlá ọdún 2022 jẹ́ mílíọ̀nù 48.65 pọ́n-ùn.

Nítorí náà, bí wọ́n bá gbé àtẹ ìrìn fún mi, n kì í wo àwòrán ẹlẹ́wà tó wà lápá ọ̀tún. Mo máa ń wá ọjọ́ tí wọ́n máa pa ẹ̀rọ àtijọ́ àti orúkọ ẹni tó máa pa á. Bí kò bá sí níbẹ̀, mo mọ̀ pé ilé méjì ni wọ́n á máa sanwó iná rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ò bìkítà nípa gbogbo èyí. Lẹ́yìn ìdàpọ̀ náà, nọ́ńbà ẹlẹ́yọ mẹ́wàá tó kọ sára ìsọ̀ rẹ̀ kò yí padà. Ó kàn fi ọ̀dà pa “Diamond” rẹ́ ni, ó kọ “Access” sórí rẹ̀, ó sì kọ “(Diamond)” padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì, nígbà tí owó oníbàárà kan kọ̀ tí kò wọlé.