Agbádá Tó Sọnù, àti Ibi Tí Ìtàn Rẹ̀ Ti Yí

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo sọ ìtàn agbádá ìgbéyàwó mi níbi ọpin-máìkì, ìṣẹ́jú 11 ni mo lò. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín dáadáa ní ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí iná fóònù níbí, iná fóònù lọ́hùn-ún. Bí mo ṣe parí, wọ́n pàtẹ́wọ́ díẹ̀, wọ́n sì yíjú sí ẹni tó kàn.

Bẹ́ẹ̀ ìtàn náà dára. Bàbá mi, tó jẹ́ télọ̀, rán agbádá ẹtù fún mi. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí n gbéyàwó, mo gbàgbé aṣọ náà sínú dáńfó ní Ọ̀jọ́ta. Mo wá a káàkiri gáréèjì, n kò rí i. Mo lọ jẹ́wọ́ fún bàbá mi, kò sì sọ ohunkóhun. Lóru ọjọ́ yẹn mo jí, mo bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ láńtánì, ó ń tú agbádá tirẹ̀, èyí tó rán láti ara ẹtù kan náà kó lè wọ̀ ọ́ bá mi ṣe ìgbéyàwó. Ó ń gé e kúrú kó lè bá mi mu.

Nínú ìṣẹ́jú 11 yẹn, ó tó mẹ́sàn-án tí mo fi rìn kiri gáréèjì: ohun tí kọ́ńdọ́ yìí sọ, bí dírẹ́bà yẹn ṣe pariwo mọ́ mi. Mo rò pé ìtàn aṣọ tó sọnù ni mo ń sọ. Ẹ̀gbọ́n obìnrin kan tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn náà. Ó ní, “Àbúrò, kí lo rò nípa bàbá ẹ kó o tó jí lóru ọjọ́ yẹn?”

Mo ní mo gbà pé aṣọ ṣe pàtàkì sí bàbá mi ju àwa ọmọ lọ.

“Nígbà tó o wá jí ńkọ́?”

N kò lè dáhùn. Ó ní, “Ibẹ̀ gan-an ni ìtàn ẹ wà.”

Ohun tí mo rí kọ́ nìyẹn, òun sì ni ọ̀pọ̀ wa kì í mọ̀. Ibi tí ìtàn ti yí kì í fi dandan jẹ́ ibi tí ariwo ti pọ̀ jù. Ibi tí ojú tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ fi ń wo nǹkan ti yí padà ni. Bí a bá fẹ́ dán an wò, ká yọ ìṣẹ̀lẹ̀ kan kúrò, ká wò ó bóyá ìparí ìtàn ṣì lè dúró. Ká ní ọjà ni aṣọ mi ti sọnù, tàbí pé iná jó o, ìparí yẹn ò ní yẹ̀. Àmọ́ bí bàbá mi ò bá tú agbádá tirẹ̀, kò sí ohun tó kù láti sọ.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín èyí àti àlọ́ ìjàpá nìyí. Bí àlọ́ bẹ̀rẹ̀, ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ ni ìjàpá. Bó parí, ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ náà ṣì ni. Ọmọ tó ń gbọ́ àlọ́ ló yẹ kó kọ́gbọ́n. Níwájú máìkì, ìwọ tó ń sọ ọ́ ni wọ́n ń wò bóyá nǹkan kan ṣẹlẹ̀ sí ọ.

Mo wá tún ìtàn náà tò. Mo fi ìṣẹ́jú márùn-ún ṣe òdiwọ̀n. Ohun tí The Moth, ẹgbẹ́ tí George Dawes Green dá sílẹ̀ ní Niu Yọ́ọ̀kì lọ́dún 1997, ń fún àwọn tó ń sọ ìtàn níbi ìdíje wọn nìyẹn, wọn ò sì gbà kí èèyàn máa ka ìwé. Gbogbo ìrìn gáréèjì di gbólóhùn kan ṣoṣo: “Mo dé gáréèjì mẹ́rin, ọwọ́ mi ṣófo.” Ó dùn mí láti gé e, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ẹ̀rín yẹn ń gbé wọn jìnnà sí bàbá mi ni.

Àyè tó ṣẹ́ kù ni mo fi ṣe ohun tí n kò ṣe tẹ́lẹ̀: mo jẹ́ kí wọ́n fi ojú tí mo fi ń wo bàbá mi wò ó. N kò sọ pé ó le. Mo sọ ti ọjọ́ kan, nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, tí mo tẹ aṣọ oníbàárà mọ́lẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, tí àlùmọ́gàjí tó wà lábẹ́ rẹ̀ gé mi lẹ́sẹ̀. Bàbá mi kọ́kọ́ gbé aṣọ náà, ó gbọ̀n ọ́n, kó tó wo ẹsẹ̀ mi. Ẹni tó bá gbọ́ ìyẹn ti gba ohun tí mo gbà gbọ́.

Mo tún gbin nǹkan méjì sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, mo sì rọra kọjá lórí wọn. Mo ní bàbá mi gé ẹtù náà fún èmi àti òun. Mo ní ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀ búlúù kì í kúrò lápò rẹ̀. Bí mo bá dúró dé òru yẹn kí n tó sọ pé òun náà ní irú aṣọ yẹn, mo ní láti dúró ṣàlàyé, àlàyé ló sì máa ń pa irú ibẹ̀ yẹn.

Nígbà tí mo dé ibi tí ìtàn ti yí, mo dín eré kù. Tẹ́lẹ̀, ohun tí mo sọ ni pé, “Ó yà mí lẹ́nu, mo wá mọ̀ pé bàbá mi fẹ́ràn mi.” Báyìí, mo ní: “Láńtánì wà nílẹ̀. Aṣọ wà lórí orúnkún rẹ̀. Ẹtù ni. Mo rò pé wọ́n ti bá mi rí tèmi. Mo wá wo bó ṣe gùn tó. Bàbá mi ga jù mí lọ.” Mo dákẹ́, mo mí lẹ́ẹ̀mejì. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, àwọn èèyàn á ti mọ aṣọ ẹni tó jẹ́ kí n tó là á fún wọn. Bí wọ́n bá dákẹ́ pẹ̀lú rẹ, tí ẹnikẹ́ni ò wúkọ́, tí àga ò dún, ìtàn ti yí nìyẹn. Bí wọ́n bá ṣì ń wò ọ́ pé kí lo fẹ́ sọ, nǹkan kan wà tí o kò gbìn sílẹ̀.

Ìparí kò gbọ́dọ̀ jìnnà sí ibẹ̀. Tẹ́lẹ̀, mo gba gbogbo ilé níyànjú pé kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún òbí. Báyìí, mo ní lọ́jọ́ ìgbéyàwó, bàbá mi wọ léèsì rẹ̀ àtijọ́. Mo ki ọwọ́ bọ àpò agbádá, mo kan ṣọ́ọ̀kì. Bí mo ṣe ń bọ àwọn àna mi lọ́wọ́, ọwọ́ gbogbo wọn ń di búlúù. Mo sọ pé ẹ ṣé, mo sì kúrò níwájú máìkì.

Gbólóhùn àkọ́kọ́ àti gbólóhùn ìkẹyìn nìkan ni mo há sórí. Àárín wọn, ibùdókọ̀ ni mo fi ń rántí: àlùmọ́gàjí, Ọ̀jọ́ta, ìjẹ́wọ́, láńtánì. Ẹni tó bá há gbogbo rẹ̀ sórí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó bá bọ́ lẹ́nu rẹ̀ lè da gbogbo rẹ̀ rú. Mo sọ ọ́ fún aládùúgbò mi kan, mo sì ní kó tún un sọ fún mi lọ́jọ́ kejì. Ohun tó gbàgbé ni mo yọ. Mo fi fóònù díwọ̀n rẹ̀ títí ó fi gba ìṣẹ́jú mẹ́rin àti ààbọ̀ nílé, nítorí ẹ̀rín àti ìdákẹ́jẹ́ máa ń gba àkókò tí wọ́n bá wà níbẹ̀.

Kí n tó tún gbé e lọ síwájú èèyàn, mo lọ sọ ọ́ fún bàbá mi, nítorí ìtàn òun náà ni. Ó gbọ́ ọ dé òpin. Ó ní kí n yọ iye tó ra ẹtù náà kúrò, nítorí ó yáwó rà á ni. N kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo yọ ọ́.