Lẹ́tà tí Ẹnì Kejì Ń Retí

Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2026 ni òfin tuntun kan ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ Ontario, lórílẹ̀-èdè Kánádà. Iléeṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 25 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó polówó iṣẹ́ fún gbogbo ayé, tó sì pe èèyàn wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, gbọ́dọ̀ jẹ́ kí onítọ̀hún mọ̀ bóyá wọ́n ti ṣe ìpinnu, kó tó pé ọjọ́ 45 lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n fojú rinjú gbẹ̀yìn. Ohun tí wọ́n fẹ́ fi òfin náà dá dúró ni àṣà kí iléeṣẹ́ pe èèyàn, kó bi í ní ìbéèrè lóríṣiríṣi, kó sì wá dákẹ́ bí ẹni tí kò rí i rí.

Ní Nàìjíríà, ọwọ́ agbanisíṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà wà. Ẹni tó sì ti tọrọ àyè níbi iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tó wọkọ̀ láti Ìkòròdú dé Ìkẹjà nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, tó jókòó níwájú àwọn mẹ́ta tó ń bi í léèrè ọ̀rọ̀, yóò máa gbé fóònù wò láràárọ̀. Iṣẹ́ mìíràn lè yọ, kó má tètè gbà á, torí pé ó ṣì ń retí. Ímeèlì kékeré kan ni ì bá tú u sílẹ̀.

Nínú gbogbo àwọn tí wọn kò mú, ẹnì kan wà tí lẹ́tà tirẹ̀ gba ìrònú jù lọ. Ẹni tó ṣe ipò kejì ni. Òun náà lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Bóyá ìdí kan ṣoṣo ló jẹ́ kí ẹlòmíràn borí rẹ̀. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá kọ̀, tàbí tó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ kó tó pé oṣù mẹ́ta, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni iléeṣẹ́ yóò sáré padà sí.

Ká mú un pé iléeṣẹ́ búrẹ́dì kan ní Ìbàdàn ń wá akántáǹtì. Wọ́n pe èèyàn mẹ́fà, wọ́n sì pe mẹ́ta padà lẹ́ẹ̀kejì. Ọkùnrin kan ló mókè, torí pé ó ti ṣe iṣẹ́ owó orí fún ọdún mélòó kan, ìpolówó iṣẹ́ náà sì ti sọ látìbẹ̀rẹ̀ pé ìrírí owó orí ṣe kókó. Obìnrin kan ló ṣìkejì. Nígbà tí wọ́n bi í bí yóò ṣe mọ̀ pé ìyẹ̀fun ń sọnù, ó mú bírò, ó fa ìlà sí àárín bébà. Apá kan, ó kọ iye àpò ìyẹ̀fun tó wọlé. Apá kejì, ó kọ iye búrẹ́dì tó yẹ kí àpò kọ̀ọ̀kan mú jáde. Ó sì nàka sí ibi tí ìyàtọ̀ yóò ti yọjú. Ọ̀gá iléeṣẹ́ gba bébà náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wò ó tìyanu-tìyanu. Ṣùgbọ́n obìnrin náà kò ṣe iṣẹ́ owó orí rí.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé kí wọ́n kọ̀wé sí obìnrin yìí lọ́jọ́ tí wọ́n fi iṣẹ́ lọ ọkùnrin yẹn. Ẹni tí a fi iṣẹ́ lọ̀ kò tíì gba iṣẹ́. Ó lè ní owó oṣù kéré, ọ̀gá tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ lè fowó kún tirẹ̀ kó má baà lọ. Ọjọ́ tó bá fọwọ́ sí ìwé ìgbanisíṣẹ́ ni kí lẹ́tà obìnrin náà jáde, tàbí ọjọ́ kejì rẹ̀, kò gbọdọ̀ pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọkùnrin náà bá wá ń fòní dónìí, tó ń fọ̀la dọ́la, tí ọjọ́ tí wọ́n dá fún obìnrin náà sì ti kọjá, kí wọ́n kọ ìlà méjì sí i pé ọ̀rọ̀ kò tíì parí, pé yóò gbọ́ látọ̀dọ̀ wọn kó tó di Ọjọ́bọ̀. Ní ti àwọn mẹ́ta tí wọn kò pè padà, kò sídìí tó fi yẹ kí tiwọn dúró rárá.

Ohun tí lẹ́tà obìnrin náà lè sọ nìyí. Àkọlé rẹ̀ ni "Ipò akántáǹtì: èsì ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò yín".

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Arábìnrin (orúkọ wọn),

Ẹ ṣeun tí ẹ wá bá wa sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lórí ipò akántáǹtì. A ti mú ẹlòmíràn sípò náà, nítorí náà a kò ní lè gbà yín sí i.

Bí ẹ ṣe fi iye ìyẹ̀fun tó wọlé wé iye búrẹ́dì tó jáde wú wa lórí gan-an. Ìrírí nídìí owó orí, tí a mẹ́nu bà nínú ìpolówó iṣẹ́ náà, ló gbé ìpinnu wa síbi tó gbé e sí.

A fẹ́ tọ́jú ìwé yín fún oṣù mẹ́fà, ká lè kàn sí yín bí irú iṣẹ́ yìí bá tún yọ. Bí ẹ bá fọwọ́ sí i, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fèsì pé ẹ gbà.

Ẹ ṣeun púpọ̀."

Lẹ́yìn èyí ni orúkọ ẹni tó kọ ọ́, ipò rẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Ẹni tí wọ́n jọ jókòó sọ̀rọ̀ ló yẹ kó kọ ọ́. Ímeèlì tó bá ti inú àdírẹ́sì tí kò ṣeé fèsì sí wá kò lè sọ pé ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀.

Ẹ wo ibi tí "a kò ní lè gbà yín" wà: gbólóhùn kejì ni. Ibẹ̀ gan-an ló ti máa ń ṣòro fún ọ̀pọ̀ nínú wa, torí pé ìkíni àti àdúrà ló kọ́kọ́ máa ń wá sí wa lẹ́nu. A ó kí onítọ̀hún kú ọjọ́ mẹ́ta, a ó bèèrè ilé àti ọ̀nà, a ó yìn ín títí. Ẹni tó ń kà á ti ń rò pé òun ti rí iṣẹ́, àfi bó bá dé ìsàlẹ̀ tó kan "ṣùgbọ́n". Ìyìn tó ṣáájú ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dùn ún ju bó ṣe yẹ lọ. Kí wọ́n kọ́kọ́ sọ èsì, kí ìyìn tẹ̀ lé e. Nígbà náà ni yóò mọ̀ pé wọ́n yin òun torí pé ó tọ́ sí òun.

Òmíràn tó burú ni ọ̀rọ̀ tí kò ṣe bẹ́ẹ̀ ni, tí kò ṣe bẹ́ẹ̀ kọ́: "ẹ ṣì máa retí wa", "a ó máa wo bó ṣe ń lọ". Wọ́n rò pé àwọn ń ṣàánú onítọ̀hún. Ẹni tó ń wá iṣẹ́ yóò gbà á sí ìlérí, yóò sì máa retí wọn lóòótọ́.

Ìyìn náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. "Ẹ ṣe dáadáa gan-an" kò sọ nǹkan kan, ó ṣeé fi ránṣẹ́ sí gbogbo ayé. Ìlà tó fà sí àárín bébà, obìnrin náà mọ̀ pé òun ló fà á. Kí iléeṣẹ́ tó lè rántí irú nǹkan báyìí, ẹni tó ń bèèrè ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ kọ nǹkan méjì tàbí mẹ́ta sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹlòmíràn tó wọlé.

Ní ti ìdí tí wọn kò fi mú un, ìlà kan tó, ìyẹn bó bá jẹ́ ohun tó wà nínú ìpolówó iṣẹ́. Bí ìdí kan kò bá sí níbẹ̀, kí wọ́n fi sílẹ̀ ló dára jù. Kò yẹ kí wọ́n fi í wé ẹni tí wọ́n mú, kò sì yẹ kí wọ́n sọ pé "a fẹ́ ẹni tí kò tíì dàgbà tó yín", tàbí "a fẹ́ ẹni tó máa bá àwọn tó wà nílẹ̀ mu". Abala 42 nínú òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ọdún 1999 lòdì sí kí wọ́n fi ẹ̀yà, ibi tí èèyàn ti wá, ẹ̀sìn tàbí jíjẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin dá ọmọ orílẹ̀-èdè yà sọ́tọ̀. Ní Gẹ̀ẹ́sì, òfin ìdọ́gba ọdún 2010 fi ọjọ́ orí, oyún àti àbùkù ara kún un, gbólóhùn kan nínú ímeèlì sì lè di ẹ̀rí níwájú ilé ẹjọ́ òṣìṣẹ́. Níbẹ̀ náà, ẹni tó wá ìṣẹ́ lè ní kí wọ́n fún òun ní ẹ̀dà ohun tí wọ́n kọ nípa òun nígbà ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, oṣù kan ni iléeṣẹ́ sábà máa ń ní láti fi dáhùn. Ẹni tó bá ti mọ èyí yóò ṣọ́ ohun tí ó ń kọ.

Ìpínrọ̀ tó ní kí obìnrin náà fèsì pé òun gbà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ìwé tó kó sílẹ̀ ní orúkọ rẹ̀, àdírẹ́sì rẹ̀ àti ibi tó ti ṣiṣẹ́ nínú, òfin ààbò dátà tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2023 kò sì fẹ́ kí iléeṣẹ́ tọ́jú irú rẹ̀ ju àkókò tó nílò rẹ̀ lọ. Bíbéèrè àṣẹ rẹ̀ àti dídá oṣù fún un ló jẹ́ kí ìlérí náà ní ìtumọ̀. Kí wọ́n kọ ọjọ́ tí oṣù mẹ́fà náà yóò pé sínú kàlẹ́ńdà, kí wọ́n sì mọ ibi tí wọ́n fi ìwé náà sí. Ẹni kẹta nínú àwọn tí wọ́n pè padà, tí wọn kò rò pé yóò bá iṣẹ́ náà mu láé, ẹ yọ ìpínrọ̀ yìí kúrò nínú tirẹ̀. Bí wọ́n bá ṣí ilẹ̀kùn tí wọn kò ní jẹ́ kó wọlé, ìrètí òfo ni wọ́n fún un.

Ewu kan tún wà tó máa ń bọ́ sílẹ̀ lójijì lọ́wọ́ ẹni tó ń kánjú. Yóò kó àdírẹ́sì àwọn márààrún tí wọn kò mú sínú àpótí "To" tàbí "Cc", yóò sì fi lẹ́tà kan ṣoṣo ránṣẹ́ sí wọn. Gbogbo wọn yóò rí orúkọ ara wọn, àwọn kan sì lè jẹ́ òṣìṣẹ́ ní iléeṣẹ́ tí ọ̀gá wọn kò mọ̀ pé wọ́n ń wá iṣẹ́ kiri. "Bcc" á bo àdírẹ́sì wọn, ṣùgbọ́n lẹ́tà tí kò dárúkọ ẹnikẹ́ni ṣì ni. Èèyàn márùn-ún kò pọ̀ jù láti kọ̀wé sí lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bí obìnrin náà bá fèsì, tó bèèrè ohun tó yẹ kí òun tún ṣe, ìlà kan tún tó: kó wá ibi tó ti lè fọwọ́ kan iṣẹ́ owó orí. Bó bá fèsì pẹ̀lú ìbínú, ẹ dúpẹ́, ẹ má bá a jiyàn. Bí iṣẹ́ bá sì tún yọ kí oṣù mẹ́fà tó pé, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ pè kí ẹ tó tún polówó.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba èèyàn síṣẹ́, ẹ ṣí àpótí ímeèlì yín wò. Bí ẹnì kan bá wà níbẹ̀ tí ẹ fojú rinjú pẹ̀lú rẹ̀ lóṣù tó kọjá, tí ẹlòmíràn sì ti jókòó sórí ipò tó wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé sí i lónìí.