Ta Ló Lè Rí Fọ́tò Yín Lórí WhatsApp?

Ẹ jẹ́ ká wí pé obìnrin kan ń ta àǹkárá ní ọjà Gbági, n'Ìbàdàn. Ọkùnrin kan tó rajà àwìn lọ́wọ́ rẹ̀ ń yọ ọ́ lẹ́nu. Bó bá ti rí online lábẹ́ orúkọ rẹ̀ báyìí, á ní kí ló dé tí kò dá òun lóhùn, kódà ní òru. Obìnrin náà kò sì fẹ́ búlọ́ọ̀kì rẹ̀, torí kò tíì san gbèsè.

Láti ọdún 2022 ni WhatsApp ti fàyè gba gbogbo wa láti yọ ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀. Kó ṣí Settings, kó tẹ Privacy. Yóò rí Last seen and online, Profile picture àti About. Èyí tó bá wù ú nínú wọn, kó yan My contacts except… níbẹ̀, kó sì fi àmì sí orúkọ ọkùnrin náà. Ọ̀tọ̀ ni ti ọ̀kọ̀ọ̀kan: ẹni tí a fi fọ́tò pamọ́ fún ṣì lè ka About.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í mú ni pé wọ́n rò pé My contacts except… túmọ̀ sí gbogbo ayé, àfi lágbájá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tí a ti sééfù nọ́ńbà wọn nìkan ló ń gbà láyè, kó tó wá yọ lágbájá kúrò láàárín wọn. Oníbàárà tuntun tí ìyá aláǹkárá kò tíì sééfù nọ́ńbà rẹ̀ kò ní rí fọ́tò kankan, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rù a máa ba èèyàn láti sanwó fún ẹni tí kò rí. Ní tèmi, kó fi Profile picture sílẹ̀ ní Everyone, kó gbé àwòrán aṣọ tàbí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ síbẹ̀ dípò ojú ara rẹ̀, kó sì yọ ọkùnrin náà nínú Last seen and online, níbi tí wàhálà ti ń wá gan-an.

Apá méjì ló wà níbẹ̀. Ti òkè ni ìgbà tó lò ó kẹ́yìn. Ti ìsàlẹ̀ ni online, Everyone àti Same as last seen nìkan ló sì wà fún un. Bó bá yọ ọkùnrin náà lókè, tó gbàgbé ìsàlẹ̀ sí Everyone, ọkùnrin náà yóò ṣì máa rí online bíi ti tẹ́lẹ̀. Same as last seen ni kó yàn. Òun náà kò sì ní rí ti ọkùnrin náà mọ́. Ti fọ́tò àti About kò ní irú pàṣípààrọ̀ yẹn.

WhatsApp kò ní fi tó ọkùnrin náà létí. Ó lè rò pé wọ́n ti búlọ́ọ̀kì òun, ṣùgbọ́n àmì méjì yóò ṣì máa hàn lára ọ̀rọ̀ tó bá fi ránṣẹ́. Ẹni tí a búlọ́ọ̀kì kì í rí ju ẹyọ kan lọ. Bó bá wá fi nọ́ńbà mìíràn kàn sí i, nọ́ńbà náà kò ní rí online níwọ̀n ìgbà tí ìyá náà kò bá sééfù rẹ̀. Ọjọ́ tó bá sééfù rẹ̀, àfi kó padà lọ fi àmì sí i.