Agolo, òwú àti kàlẹ́ńdà àtijọ́: bí òbìrìkìtì ṣe ń yé ọmọ

Ẹ bi ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama léèrè ohun tí páì jẹ́, 22/7 ni yóò dáhùn wàràwàrà. Ẹ wá bi í pé ibo ni 22 náà ti wá, ó di kó máa wojú àjà. Ẹ̀bi rẹ̀ kọ́. Ojú pátákó ló ti bá nọ́ḿbà náà pàdé, kò sì sí ẹni tó jẹ́ kó fọwọ́ ara rẹ̀ wọn nǹkan kan rí. Bẹ́ẹ̀ ni ohun tí yóò fi wọ̀n ọ́n kò ju agolo mílíìkì, òwú ìránṣọ àti rúlà lọ.

Olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ yìí kì í dárúkọ páì rárá níbẹ̀rẹ̀. Yóò ní kí oníkálùkù fi òwú yí agolo tirẹ̀ po, kí ó gé e síbi tí ìdí òwú ti pàdé orí rẹ̀, kí ó wá fi òwú náà wọn ìbú agolo náà, láti etí kan sí èkejì, kí ó gba àárín gbùngbùn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìbú yóò wọ inú òwú, díẹ̀ á sì ṣẹ́kù. Ẹni tó mú agolo tòmátò kékeré wá rí ẹ̀ẹ̀mẹta àti díẹ̀. Ẹni tó gbé agolo ọ̀dà ńlá wá, ẹ̀ẹ̀mẹta àti díẹ̀ náà ni. Ìgbà tí ẹnu bá ti ya àwọn ọmọ sí èyí ni rúlà tó wọ ọ̀rọ̀ náà, kí wọ́n lè mọ bí “díẹ̀” yẹn ṣe tó.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà máa ń wà. Ká ní ara agolo fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 7.3, òwú tó yí i po á gùn tó 22.9, bí a bá sì fi 7.3 pín in, a ó rí 3.14. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ agolo ló ní etí tó yọ síta. Bí ọmọ bá fi òwú yí ara agolo po, tó sì wọn ìbú níbi etí, tó rí 7.5, ìdáhùn rẹ̀ á já wálẹ̀ sí 3.05. Bó bá jẹ́ okùn tó nípọn tó mìlímítà méjì ló lò dípò òwú, ó lè rí 3.2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, bí ìdáhùn bá ti kéré jù, etí agolo ni kí olùkọ́ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bó bá sì pọ̀ jù, kó ní kí ọmọ mú okùn rẹ̀ wá. Gégé páìpù omi tí àwọn púlọ́mbà ń gé dànù sàn ju agolo lọ fún iṣẹ́ yìí, torí kò létí.

Ọgbọ́n mìíràn tún wà. Dípò kí a yí òwú po lẹ́ẹ̀kan, kí a yí i lẹ́ẹ̀mẹwàá, kí ó tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí ọ̀kan má gun èkejì. A ó wá na gbogbo rẹ̀, a ó wọ̀n ọ́n, a ó sì pín in sí mẹ́wàá. Àṣìṣe ìdajì sẹ̀ǹtímítà tí ìbá ba ìdáhùn jẹ́ ti di ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tó jẹ́.

Síbẹ̀, kí olùkọ́ má fi dandan lé 3.142. Ọmọ tó bá ní òun fi òwú àti rúlà rí 3.142 géérégé, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ inú ìwé ló ti wò ó. Kódà 22/7 fúnra rẹ̀ fi díẹ̀ ju páì lọ. Ákímídíìsì ará Gíríìkì ti fi èyí hàn ní ohun tó lé ní 2,200 ọdún sẹ́yìn.

Ohun tó kù ni ààyè inú òbìrìkìtì, kàlẹ́ńdà àtijọ́ sì tó o ṣe. A ó fi okùn àti pẹ́ńsù fa òbìrìkìtì tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà méje láti àárín dé etí, a ó gé e jáde, a ó sì ṣẹ́ ẹ sí méjì lẹ́ẹ̀mẹrin. Bí a bá tú u, ojú ìlà á ti pín in sí mẹ́rìndínlógún. Kí a kun ìdajì rẹ̀, ìyẹn mẹ́jọ, ní àwọ̀ kan kí a tó gé wọn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Lẹ́yìn náà, a ó to àwọn tó ní àwọ̀ kí ẹnu ṣóńṣó wọn kọjú sílẹ̀, a ó sì ki àwọn tí kò ní àwọ̀ bọ àárín wọn, kí ẹnu tiwọn kọjú sókè. A ó gé èyí tó gbẹ̀yìn sí méjì lóòró, a ó gbé ìdajì kan lọ sí ìdí kejì, kí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lè tọ́.

Ohun tó jáde fẹ́ jọ bíríkì tó dùbúlẹ̀. Gíga rẹ̀ jẹ́ méje. Òkè rẹ̀, tó ní àwọ̀, jẹ́ ìdajì àyíká òbìrìkìtì, ìyẹn 22. Méje lọ́nà 22 jẹ́ 154, ààyè tó wà nínú òbìrìkìtì náà nìyẹn. Òótọ́ ni pé orí rẹ̀ rí kólokòlo, tí rúlà yóò sì sọ nǹkan bí 21.8 dípò 22. Bó bá jẹ́ ọ̀nà mẹ́jọ péré ni a pín in sí, nǹkan bí 21.4 ni ìbá jẹ́, torí náà kí ẹgbẹ́ kan nínú kíláásì pín tiwọn sí mẹ́jọ, kí wọ́n lè fi ojú ara wọn rí i pé bí ègé ṣe ń pọ̀ sí i ni ó ń súnmọ́ 22.

Kí ẹ̀yin olùkọ́ tó fẹ́ dán an wò sọ fún àwọn ọmọ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú pé kí wọ́n mú agolo oríṣiríṣi wá, kí ẹ sì rí i pé ẹ fi òkúta lu gbogbo ibi tó bá mú lẹ́nu rẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án.